Iye owó pé, ọ̀rọ̀ kò pé: ohun tí àtúnkọ kan kọ́ mi ní Kétu

Láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ ti ń gbé ìwé wá bá mi ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìwé tí wọ́n kọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu àwọn tó wà ní ìpàdé ni wọ́n máa ń kó wá, èmi a sì tún un kọ kí ó lè ṣeé kà, kí ó sì ṣeé fọwọ́ sí. Ilé mi kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnu odi àtijọ́ ìlú wa, nítorí náà kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti rí mi. Fún ọdún mélòó kan, ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo fi ń yẹ iṣẹ́ mi wò kí n tó fà á lé oníṣẹ́ lọ́wọ́: mo máa ń wo gbogbo iye tó wà nínú ìwé àkọ́kọ́, mo sì máa ń rí i dájú pé iye náà wà nínú tèmi. Bí owó bá bá owó mu, tí oṣù sì bá oṣù mu, mo gbà pé mo ti ṣe òótọ́. Ìwé àdéhùn kan tí mo tún kọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni ó fi hàn mí pé ènìyàn lè pa gbogbo iye owó mọ́ láìku ẹyọ kan, kí ó sì tún sọ àdéhùn náà di òmíràn.

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń ṣe gàárì ni ó ni ìwé náà. Wọ́n pe alágbẹ̀dẹ kan tí ń rọ ẹ̀rọ, àgbàlagbà ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, pé kí ó wá bá wọn rọ ẹ̀rọ tí wọn yóò fi máa rin ẹ̀gẹ́, àti èyí tí wọn yóò fi máa fún omi rẹ̀ dànù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 7 oṣù náà, ni wọ́n ṣe ìpàdé. Akọ̀wé ẹgbẹ́, ọmọbìnrin kan tí ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé tó yára, kọ ohun tí ó gbọ́ sínú ìwé rẹ̀ báyìí:

«Bàbá ní àwọn á rọ ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ kan, ìfún méjì. Gbogbo rẹ̀ 450 000. A ti fún wọn ní 180 000. Ìyókù, ẹ̀ẹ̀mejì la ó san án, tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́. Ìtàdógún òní ni wọ́n ní àwọn á gbé e wá. Bí ó bá bàjẹ́ láàrin oṣù mẹ́ta, àwọn á tún un ṣe, a ò ní san owó iṣẹ́, ṣùgbọ́n àwa la ó ra irin.»

Mo ka èyí, mo rò ó pé ó rí gátagàta, mo sì kọ tèmi:

«Àwọn alágbẹ̀dẹ náà gbà láti rọ ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀rọ ìfún fún ẹgbẹ́ ní iye owó 450 000 fáráǹ, wọ́n sì ti gba àsansílẹ̀ 180 000 fáráǹ. Ẹgbẹ́ yóò san ìyókù nígbà tí ó bá gba àwọn ẹ̀rọ náà. Wọn yóò gbé e wá láàrin ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, wọn yóò sì máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù mẹ́ta.»

Mo wo 450 000, ó wà. Mo wo 180 000, ó wà. Oṣù mẹ́ta wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi yẹ̀ ẹ́ wò. Inú mi dùn sí i, nítorí pé ó dùn ún kà ju ti akọ̀wé lọ, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i láìjanpata.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 24, Bàbá gbé ẹ̀rọ dé: ìrin-ẹ̀gẹ́ kan, ìfún kan. Ó ní kí wọ́n san 270 000 tó kù fún òun lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 21, ni àwọn ti ń retí rẹ̀, pé ẹ̀gẹ́ tí àwọn ti wà sílẹ̀ de ẹ̀rọ ti ń bàjẹ́ lọ, àti pé ìfún méjì ni àwọn bá a sọ. Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn fa ìwé tí mo kọ yọ nínú àpò rẹ̀, ó ní kí ẹni tó mọ̀wé kà á sókè. Ohun tí ó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé kò purọ́. Ẹnu kì í pẹ́ gbàgbé ohun tí ó sọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ tí ó ti kọjá, ìwé mi ni ó ti ń kà láti mọ ohun tí òun ṣèlérí, ohun tí ìwé náà sì sọ ni ó ṣe.

Akọ̀wé ni ó sáré wá ilé mi. Ó ní, «Ẹ jọ̀ọ́, bàbá olùkọ́, ibo lẹ gbé ìfún kejì wà?» Mo gba ìwé rẹ̀ àtijọ́, mo tẹ́ tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì rí nǹkan márùn-ún tí ó ti yí padà lábẹ́ ọwọ́ mi.

Àkọ́kọ́ ni ìfún tí ó ti di «ẹ̀rọ ìfún». Ní èdè wa, orúkọ nǹkan kì í yí padà bí ó bá pọ̀, nítorí náà bí a bá gé «méjì» kúrò, kò sí àmì kankan lára ọ̀rọ̀ náà tí yóò jẹ́ kí òǹkàwé fura. Gbólóhùn náà ṣì dúró dáadáa, ó sì ti pàdánù ìlàjì ìfún tí wọ́n rà.

Èkejì ni owó tó kù. Akọ̀wé kọ ohun méjì pọ̀: pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn yóò san án, àti pé ó di ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Èmi sọ ọ́ di ìgbà tí wọ́n bá gbà á. Gbígbà ẹ̀rọ àti kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ kì í ṣe ohun kan náà. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni ó wà láàrin wọn, ó sì lè má ṣẹlẹ̀ rárá. Àfikún «tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́» yẹn ni ààbò kan ṣoṣo tí àwọn obìnrin náà ní lórí owó wọn, mo sì fi ọ̀rọ̀ tó gùn tó o rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni irin. «Lọ́fẹ̀ẹ́» tí mo kọ kúrú, ó sì mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ẹrù irin kúrò lórí ẹgbẹ́ lọ sórí Bàbá. Níbí, Bàbá ni mo ṣẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò tíì rí i. Mo ti kíyè sí i láti ìgbà náà pé àṣìṣe àtúnkọ kì í mọ ẹni tí ó ń gbè. Nínú ìwé kan náà ó lè jẹ onírà níyà lókè, kí ó tún jẹ oníṣẹ́ níyà nísàlẹ̀.

Ẹ̀kẹrin jẹ mọ́ ọ̀wọ̀. Akọ̀wé kọ pé Bàbá ní «àwọn» á rọ ọ́, nítorí pé ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ kò ní sọ pé àgbàlagbà ní «òun» á rọ ọ́. «Wọ́n» àti «àwọn» inú ìwé rẹ̀, ọkùnrin kan ṣoṣo ni. Èmi tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa ni mo kọ «àwọn alágbẹ̀dẹ náà», tí ìlérí ẹnìkan sì di ìlérí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tí ó ń lo abẹ́ ìbòji kan náà pẹ̀lú Bàbá, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà le, ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ ti ń sọ pé kí wọ́n lọ mú òun náà, nítorí pé ìwé sọ pé «àwọn alágbẹ̀dẹ». Láti ìgbà náà, ibi tí «wọ́n» bá ti ṣe ìlérí, mo máa ń béèrè pé ènìyàn mélòó ni, n ó sì kọ ipò tàbí orúkọ ẹni náà dípò «wọ́n».

Ẹ̀karùn-ún ni ọjọ́, òun ni ó sì gba àlàyé jù lọ. Àwọn baba wa máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ọ̀rún, tí a ń pè ní ọjọ́ karùn-ún, ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi jìnnà sí òní, nítorí pé òní ni ọjọ́ kìíní. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọ́ mẹ́jọ òní ṣe jẹ́ ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìtàdógún gba orúkọ rẹ̀ lára ẹ̀tàdínlógún, nítorí náà bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 7, tí a ka ọjọ́ 7 mọ́ ọn, ọjọ́ 23 ni ó bọ́ sí. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ náà, bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ lóde òní, ìtàdógún ni ọ̀sẹ̀ méjì: Ìṣẹ́gun sí Ìṣẹ́gun, ìyẹn ọjọ́ 21. Àwọn tó ń sọ Faransé láàrin wa a sì máa sọ pé ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀sẹ̀ méjì kan náà ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹni tó bá sì ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé ọjọ́ 7 gan-an yóò dé ọjọ́ 22. Èmi wá tú ọ̀rọ̀ náà sí «ọjọ́ mẹ́tàdínlógún», Bàbá ka mẹ́tàdínlógún lé 7, ó dé ọjọ́ 24. Ọjọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ kan. Ohun tí ó yẹ kí n ṣe ni kí n béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì pé ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀, ọjọ́ kelòó nínú oṣù, kí n tó kọ ohunkóhun. Bí kò bá sí ẹni tí mo lè bi, ó sàn kí n fi «ìtàdógún òní» sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí n sì kọ ọjọ́ ìpàdé sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ju kí n fi ìmọ̀ mi yan ọjọ́ fún wọn lọ.

Nínú gbogbo márààrún, kò sí iye owó kan tí ó yí padà lójú ìwé. Èyí ni mo fi mọ̀ pé ojú mi ti ń wo ibi tí kò tọ́. Iye ni ojú máa ń kọ́kọ́ rí, nítorí náà iye kì í tètè sọnù. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó so mọ́ iye ni wọ́n máa ń lọ: láti ìgbà wo, títí di ìgbà wo, bí kí ni bá ṣẹlẹ̀, ta ni yóò ṣe é, mélòó. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn gan-an ni ọwọ́ ẹni tó fẹ́ kí ìwé dán máa ń gé, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń mú kí gbólóhùn rí gátagàta.

Bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí nìyí. Kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan, mo máa ń tú ìwé àkọ́kọ́ palẹ̀ lórí tákàdá, ohun kan sí ìlà kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ṣèlérí, ohun tó ṣèlérí, iye rẹ̀, ìgbà rẹ̀, àti àdéhùn tó dè é. Ìwé akọ̀wé tí mo kọ sókè yẹn, nígbà tí mo tú u, ìlà mẹ́wàá ni: Bàbá nìkan, ìrin kan, ìfún méjì, 450 000, 180 000 tí wọ́n ti san, ìyókù ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó di ìgbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, ìtàdógún láti ọjọ́ 7, àtúnṣe láìsan owó iṣẹ́ láàrin oṣù mẹ́ta, irin lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Títú palẹ̀ yìí máa ń fi ohun tí ìwé àkọ́kọ́ kò sọ hàn pẹ̀lú. Oṣù mẹ́ta láti ìgbà wo? Láti ọjọ́ àdéhùn ni, àbí láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ dé? Ẹ̀ẹ̀mejì náà, ṣé ìdajì ìdajì ni? Ó rọrùn láti kọ «135 000 lẹ́ẹ̀mejì», nítorí pé ìdajì 270 000 ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé. Ohun tí atúnkọ̀wé fi kún un láti inú ọgbọ́n orí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ bá ìṣirò mu, irọ́ ni.

Lẹ́yìn tí mo bá ti kọ tèmi, mo máa ń jẹ́ kí ó sun ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, n ó fi ìwé àkọ́kọ́ àti tákàdá ìlà pa mọ́, n ó sì fún ẹlòmíràn ní àtúnkọ nìkan, pé kí ó tú òun náà palẹ̀ sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà ni a ó tó fi tákàdá méjèèjì wéra. Bí mo bá fúnra mi tú tèmi, ohun tí mo mọ̀ ni n ó kà, kì í ṣe ohun tí mo kọ. Ìlà tó wà ní ti àkọ́kọ́ tí kò sí ní ti èkejì ti sọnù nìyẹn. Ìlà tó wà ní ti èkejì tí kò sí ní ti àkọ́kọ́, èmi ni mo fi í kún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá èyí tó sọnù, wọn kì í wá èyí tó kún un, nítorí pé láti ìwé àkọ́kọ́ sí àtúnkọ nìkan ni wọ́n ń wò, wọn kì í wò ó padà.

Ní ti owó, mo máa ń kọ ọ́ ní iye àti ní ọ̀rọ̀, a sì máa ń kà á sókè. Ìkà wa ní ewu tirẹ̀: márùndínláàádọ́ta ni 45, ṣùgbọ́n àádọ́ta ni etí gbọ́ gbẹ̀yìn, mo sì ti rí ẹni tó kọ 55 nítorí rẹ̀. Ìyá àgbà kan wà nínú ẹgbẹ́ tí kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n tí ó ṣì ń fi ọ̀kẹ́ ka owó, ogún ẹgbẹ̀rún sí ọ̀kẹ́ kan. Nígbà tí a kà á fún un pé 450 000, ó ní ọ̀kẹ́ méjìlélógún àti ààbọ̀ nìyẹn. 180 000, ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án. Ó ku ọ̀kẹ́ mẹ́tàlá àti ààbọ̀. Ó gbé e bọ́ sí 270 000 gẹ́lẹ́. N kò ní ẹlẹ́rìí tó dá mi lójú tó o. Àti pé, bí ìwé bá ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Nàìjíríà tó wà lẹ́yìn ẹnubodè wá, mo máa ń wo àmì tó wà láàrin iye: kọ́mà tí wọ́n fi ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀ ni àwa tí a kẹ́kọ̀ọ́ ní Faransé fi ń ya ìdá kúrò lára odidi. 2,500 lọ́dọ̀ wọn jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀. Lójú àwọn ọmọ ilé-ìwé wa, méjì ààbọ̀ péré ni.

Ìlérí ni mo máa ń yẹ̀ wò gbẹ̀yìn, n kò sì ń kánjú níbẹ̀. Mo máa ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó gbé ìlérí nínú ìwé méjèèjì. «Yóò», «lè», «ń gbèrò láti», «yóò gbìyànjú láti», kò sí èyí tó lè rọ́pò èkejì. Ẹgbẹ́ òbí kan ní Àjàṣẹ́ ti fi ìwé ránṣẹ́ sí mi rí, níbi tí wọ́n ti kọ pé «wọ́n ní olùdarí sọ pé òun yóò gbìyànjú kí àga dé kí ilé-ìwé tó wọlé». Ẹni tó ti kọ́kọ́ tún un kọ ṣáájú mi ti sọ ọ́ di «àga yóò dé kí ilé-ìwé tó wọlé». Ohun mẹ́ta ni ó bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀: pé wọ́n gbọ́ ọ ni, pé olùdarí ni ó sọ ọ́, àti pé ìgbìyànjú ni. Ohun tó kù jẹ́ òtítọ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́.

A padà sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n ka ìwé akọ̀wé àtijọ́ sí etí Bàbá, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òótọ́ ni, ìfún méjì ni, ìwé ni ó gbé òun lọ. Bí akọ̀wé bá ti sọ ìwé rẹ̀ nù ní ọjọ́ tí tèmi dé, n kò mọ bí a ò bá ti parí rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tuntun, akọ̀wé sì kọ ohun tí wọ́n sọ: ìfún kejì yóò dé ní «Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà». Nígbà tí mo tú u palẹ̀, mo yẹ kàlẹ́ńdà wò. Ọjọ́rú ni ọjọ́ 12 bọ́ sí ní ọdún náà. Ọ̀kan nínú méjèèjì kò tọ́, kò sì sí ohun tó fi èyí tó tọ́ hàn nínú ìwé. Láyé àtijọ́, n bá ti tún un ṣe fúnra mi, n bá sì ti yan ọjọ́ 12, nítorí pé iye ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Lọ́tẹ̀ yìí mo mú ìwé náà lọ bá wọn. Bàbá ní Ọjọ́bọ̀ ni òun sọ, nítorí pé òun kò ní sí nílé ní Ọjọ́rú. Akọ̀wé ní òun ni òun ṣi ọjọ́ kà. Ọjọ́ 13 ni a kọ, ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ nínú oṣù pọ̀, kí èkejì lè máa ṣọ́ èkíní.

Mo tún bi wọ́n léèrè nípa oṣù mẹ́ta. Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n sì fẹnu kò pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bá dé ni tirẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀: ìrin àti ìfún àkọ́kọ́ láti ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, ìfún kejì láti ọjọ́ tí ó bá wọlé. Mo kọ irin sí ọrùn ẹgbẹ́ bí ó ti wà ní àkọ́kọ́, mo sì fi orúkọ Bàbá sí gbogbo ibi tí «wọ́n» wà. Ìwé náà gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì, kò sì dùn ún kà tó o. Nígbà tí mo kà á tán, Ìyá ẹgbẹ́ ní kí n tún ibi tí mo ti sọ «nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́» kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo tún un kà. Ó bi Bàbá pé ta ni yóò sọ pé ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n sì tún jókòó.